Bí owó-orí bá gun orí ẹlẹ́rìndòdò, ta ni yóò san án: ọjà ọlọ́pọ̀ olùtà àti ọjà adánìkantà

Láti ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń gba ₦10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò àti àwọn ohun mímu aládùn mìíràn tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà. Òfin ìṣúná ti 2021, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, ló gbé e wọlé. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu náà ló ń san án fún àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù, kì í ṣe ìyá tó ń tà á nínú kúlà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó ń jà fún ìlera gbogbo ènìyàn sọ pé owó náà kéré jù, pé kí ìjọba gbé e sókè. Ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé irú owó-orí báyìí máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bó bá gbé iye tí wọ́n ń ta ohun mímu náà sókè ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Àwọn oníléeṣẹ́ kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ ní ọjà Ẹrẹ́kẹ̀ṣán ní Àkúrẹ́, ohun kan náà ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu oníṣòwò àti oníbàárà: “Iye yòówù tí ìjọba bá fi lé e, àwa ni wọ́n máa gbé e ká lórí.” Àwọn kan á tún fi kún un pé bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló di ọjà mú, ẹrù yóò wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́kun. Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yìí máa ń jẹ́ òótọ́ nínú ọjà kan, kì í jẹ́ òótọ́ nínú òmíràn. Apá kejì sì lè jẹ́ òdì gan-an sí bí nǹkan ṣe ń rí. Adánìkantà, ìyẹn ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń ta nǹkan náà, sábà máa ń gbé lára owó-orí náà fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, owó-orí yẹn lè ba nǹkan jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju bó ṣe ń bà á jẹ́ níbi tí olùtà pọ̀ sí lọ. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ń ta ko ara wọn, àmọ́ ìṣirò á fi hàn pé wọn kò ta ko ara wọn.

Ká mú páàkì ẹlẹ́rìndòdò oníke kan, ìgò méjìlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 50cl. Lítà mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà ₦10 lórí lítà kan di ₦60 lórí páàkì. Owó yẹn kéré jù láti fi ṣàlàyé, nítorí náà ká ní ìjọba gbé e dé ₦100 lórí lítà. Páàkì kan á wá máa san ₦600. Àwọn iye yòókù tí a ó lò nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àbá lásán, a yàn wọ́n kí ìṣirò lè rọrùn. Wọn kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni wọ̀n ní ọjà.

Ká ní ó ń ná ilé iṣẹ́ ní ₦3,000 láti ṣe páàkì kan, láti orí ṣúgà, gáàsì, ike àti dísù dé orí ọkọ̀ tó ń gbé e wọ Àkúrẹ́, tí ìnáwó yẹn kò sì yí padà bóyá wọ́n ṣe púpọ̀ tàbí wọ́n ṣe díẹ̀. Ní ti àwọn olùrà, ká ní bí páàkì kan bá di ₦6,000, kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́ nínú ìlú. Ṣùgbọ́n bí owó ṣe ń wálẹ̀ ní ₦100, bẹ́ẹ̀ ni ọgọ́rùn-ún páàkì mìíràn ń tà sí i lọ́sẹ̀. Ní ₦5,000, ẹgbẹ̀rún kan páàkì ló máa tà. Ní ₦4,000, ẹgbẹ̀rún méjì. Ní ₦3,000, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àwọn olùrà kan náà àti ìnáwó kan náà la ó lò nínú ọjà méjèèjì. Iye àwọn tó ń tà nìkan ló máa yàtọ̀.

Níbi tí olùtà pọ̀ sí

Bí ilé iṣẹ́ bá pọ̀, tí ọjà wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, kò sí èyí tó lè ta páàkì ní ₦3,500 kó pẹ́. Ẹnì kejì á tà á ní ₦3,400, ẹnì kẹta á gbé e wá sí ₦3,200, títí yóò fi kan ìnáwó. Nínú ₦3,000 yẹn la ti ka owó ọ̀yà àti èrè díẹ̀ tó ń mú kí olówó fi owó rẹ̀ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ náà mọ́ ọn. Torí náà iye ọjà á dúró ní ₦3,000, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta páàkì á sì máa tà lọ́sẹ̀.

Ìjọba wá gbé ₦600 lé e. Páàkì kan ń ná gbogbo wọn ní ₦3,600 báyìí. Kò sẹ́ni tó ní èrè kan níbì kan tó lè fi gbé owó yìí mì, nítorí ìdíje ti jẹ gbogbo àlékún tán ṣáájú. Iye á gòkè sí ₦3,600 gan-an, páàkì tó ń tà á sì wálẹ̀ láti 3,000 sí 2,400. Gbogbo owó-orí náà ló wọ inú iye ọjà. Ìyá tó sọ pé àwa ni wọ́n máa gbé e ká lórí sọ òótọ́ níbí.

Àmọ́ kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀, òṣìṣẹ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé owó sókè kí oníbàárà má baà ya sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Fún ìgbà díẹ̀, iye lè gòkè ní ₦300 tàbí ₦400 péré, kí àwọn ilé iṣẹ́ máa pàdánù ìyókù. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí agbára wọn kò gbé e á bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé, tàbí kí wọ́n má pààrọ̀ ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́. Ọjà á dínkù lórí àtẹ, iye á sì gun òkè dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹni tó bá wo ọjà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ní “ilé iṣẹ́ ló gbé e, kò kan wa” ti yára jù. Ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Àkúrẹ́ mọ ohun tí à ń wí. Nígbà tí owó ọ̀rá bá gbówó lórí, kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni owó àpò omi ń yí padà. Ó ń dúró de ìgbà tí kálukú bá rí i pé ẹnì kejì òun náà kò lè mú un mọ́ra mọ́.

Níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ń tà

Kí ìjọba tó gbé owó-orí dé rárá, adánìkantà ti ń ta ọjà tirẹ̀ wọ́n. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé owó sókè, àwọn kan á lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kù á san jù bẹ́ẹ̀. Iye tó máa mú èrè jù ló ń wá. Bó bá tà á ní ₦4,400, páàkì 1,600 ló máa tà, yóò sì jèrè ₦1,400 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ₦2,240,000. Bó bá gbé e dé ₦4,600, 1,400 ló máa tà, ₦1,600 ló máa jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tún di ₦2,240,000. Àárín méjèèjì, ₦4,500, ló dára jù fún un: páàkì 1,500, èrè ₦1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ ₦2,250,000. Ìdajì ohun tí ọjà ọlọ́pọ̀ olùtà ń tà lòun ń tà, iye tirẹ̀ sì fi ₦1,500 ju tiwọn lọ.

Wàyí o, ₦600 dé. Ohun tí púpọ̀ nínú wa rò ni pé yóò kàn kó gbogbo rẹ̀ lé iye ọjà, yóò máa ta páàkì ní ₦5,100. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ₦5,100, páàkì 900 ló máa tà. Bó bá yọ ìnáwó ₦3,000 àti owó-orí ₦600, ₦1,500 ló kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,350,000. Ká wá ní ó pinnu pé òun kò ní fọwọ́ kan iye ọjà rárá, òun á gbé gbogbo owó-orí náà fúnra òun. Ní ₦4,500, yóò ṣì máa ta 1,500, ṣùgbọ́n ₦900 ló kù fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn náà jẹ́ ₦1,350,000. Gbígbé gbogbo rẹ̀ lé oníbàárà lórí àti gbígbé gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ já sí òfò kan náà. Àárín wọn, ní ₦4,800, yóò ta 1,200 páàkì, ₦1,200 ni yóò jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èrè sì di ₦1,440,000. Kò sí iye mìíràn tó lè mú un ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nínú ₦600, ₦300 péré ló wọ inú iye ọjà. Kì í ṣe àánú ló mú kó gbé ìdajì tó kù. Ó ti gbé iye ọjà dé ibi gíga tẹ́lẹ̀, ibi tí àfikún díẹ̀ ti ń lé oníbàárà tó ń mú èrè ńlá wá sá. Pípàdánù oníbàárà máa ń dun ẹni tó ń jẹ ₦1,500 lórí páàkì kan ju ẹni tí kò jẹ nǹkan kan lé ìnáwó lọ. Èrè rẹ̀ gan-an ni tìmùtìmù tó gba ìdajì ẹrù náà, ọjà ọlọ́pọ̀ olùtà kò sì ní irú tìmùtìmù bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé pé ₦4,800 ṣì ga ju ₦3,600 lọ fíìfíì. Iye adánìkantà gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n orí òkè ló ti gbéra.

Ibi tí òfò wà

Ohun tó ń tan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá ni pé páàkì tó dínkù nínú ọjà ọlọ́pọ̀ olùtà jẹ́ 600, ti adánìkantà sì jẹ́ 300. Wọ́n á ní owó-orí kò pa ọjà adánìkantà lára tó ti èkejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ìdá kan náà ni ọjà méjèèjì fi dínkù: 600 nínú 3,000 àti 300 nínú 1,500, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni méjèèjì. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni irú páàkì tí a pàdánù.

Nínú ọjà ọlọ́pọ̀ olùtà, àwọn tó lọ ni àwọn tí páàkì náà tó ₦3,000 sí ₦3,600 lójú wọn. Ìnáwó rẹ̀ jẹ́ ₦3,000. Bí ẹ bá pín in dọ́gba, ohun tí ìlú pàdánù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọn kò rà mọ́ jẹ́ ₦300. Ní ìlọ́po 600 páàkì, òfò jẹ́ ₦180,000, ìjọba sì kó ₦1,440,000 wọlé. Lórí náírà kọ̀ọ̀kan tí ìjọba gbà, kọ́bọ̀ méjìlá ààbọ̀ ló ṣègbé, tí kò sí lápò ẹnikẹ́ni.

Lọ́dọ̀ adánìkantà, àwọn tó lọ ni àwọn tí páàkì tó ₦4,500 sí ₦4,800 lójú wọn, bẹ́ẹ̀ ₦3,000 náà ni ìnáwó rẹ̀. Òfò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1,650 bí a bá pín in dọ́gba. Ní ìlọ́po 300, ó di ₦495,000, nígbà tó jẹ́ pé ₦720,000 péré ni ìjọba rí kó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kọ́bọ̀ mọ́kàndínláàádọ́rin tó ṣègbé lórí náírà kan. Adánìkantà ti kọ́kọ́ ń fi nǹkan du àwọn tí ì bá rà á, owó-orí wá tún fi kún un, àwọn tí ó wá ń lé lọ báyìí sì ni àwọn tí nǹkan náà wúlò fún ju iye tó ń náni láti ṣe é lọ fíìfíì.

Àríyànjiyàn nípa ìlera náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ká gbà pé ṣúgà inú páàkì kan ń dá àìsàn tó ń ná àwùjọ ní ₦600 sílẹ̀, tí ẹni tó rà á kò kà á sí. Nínú ọjà ọlọ́pọ̀ olùtà, owó-orí ₦600 gan-an ló yẹ, torí yóò mú kí ọjà wálẹ̀ sí 2,400, níbi tí olùrà ti san gbogbo ohun tí ó ń fà. Ṣùgbọ́n adánìkantà kò tà ju 1,500 lọ kí owó-orí tó dé. Ó ti dín ìmu kù kọjá ibi tí ìlera béèrè fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè ló ń wá. Owó-orí lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan á kàn tún sún ọjà náà jìnnà sí i ni. Lójú tiwa, ẹni tó bá fẹ́ fi owó-orí wo àìsàn ṣúgà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè iye ilé iṣẹ́ tó wà nínú ọjà náà, kó tó béèrè iye tó yẹ kí lítà kan san.

Ibi tí ìdajì kò ti í ṣe ìdajì

Ìdajì tí a rí lókè yìí wá láti inú bí a ṣe to àwọn olùrà: bí owó bá fi ọgọ́rùn-ún náírà gòkè, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ń lọ, bóyá owó wà nílẹ̀ tàbí ó wà lókè. Àwọn olùrà lè má rí bẹ́ẹ̀. Ká ní bí iye ṣe fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń rà ló ń lọ, níbikíbi tí iye bá wà. Adánìkantà tó bá ń bá irú àwọn olùrà bẹ́ẹ̀ ṣòwò, ìlọ́po méjì ìnáwó rẹ̀ ló máa tà á. Ìnáwó ₦3,000, yóò tà á ní ₦6,000. Bí owó-orí ₦600 bá sọ ìnáwó di ₦3,600, iye yóò di ₦7,200. Owó-orí ₦600 gbé iye sókè ní ₦1,200! Ìyá wa ní Ẹrẹ́kẹ̀ṣán ì bá rẹ́rìn-ín, torí ohun tó ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni ìṣesí àwọn tó kù lẹ́yìn tí iye ti gòkè. Bí àwọn tó kù bá ń yára sá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, adánìkantà á rọra ṣe. Bí àwọn tó kù bá jẹ́ àwọn tí kò lè ṣe kí wọ́n má rà á, tí owó kò sì fi bẹ́ẹ̀ lé wọn sá, yóò rí i pé òun lè gbé e kọjá owó-orí náà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé “adánìkantà máa ń gbé ìdajì” àti ẹni tó sọ pé “gbogbo rẹ̀ ló ń gbé léni lórí” ń sọ̀rọ̀ láìtíì wo oníbàárà. Ní ọjà ọlọ́pọ̀ olùtà tí ìnáwó rẹ̀ kò yí padà, kò sí irú iyèméjì yìí. Iye owó-orí gan-an ló máa wọ inú iye ọjà, bó ti wù kí àwọn olùrà rí.

Ọjà ẹlẹ́rìndòdò ní orílẹ̀-èdè yìí kò sì sí ní ìkángun kankan nínú méjèèjì. Ilé iṣẹ́ ńlá díẹ̀ ló di ọ̀pọ̀ rẹ̀ mú, àwọn kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Pẹ̀lú àwọn iye tí a lò, bí ilé iṣẹ́ méjì bá ń tà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pinnu iye páàkì tí òun máa ṣe ní wíwo ohun tí èkejì ń ṣe, iye á wà ní ₦4,000 ṣáájú owó-orí, á sì di ₦4,400 lẹ́yìn rẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ló wọ inú iye. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni. Bí olùtà ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye tó wà nílẹ̀ ń wálẹ̀, tí apá owó-orí tó ń wọ inú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Owó-orí tí kò fọwọ́ kan iye

Bí ìjọba bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ adánìkantà láìjẹ́ kí oníbàárà mọ̀ ọ́n lára, owó-orí lórí èrè ló yẹ kó lò. Ká ní ó gba ₦30 nínú gbogbo ₦100 èrè. Ní ₦4,500, adánìkantà wa á mú ₦1,575,000 lọ sílé. Ní ₦4,600, yóò mú ₦1,568,000 lọ. Ibi tó dára jù fún un tẹ́lẹ̀ ló ṣì dára jù, nítorí náà kò ní ìdí láti gbé iye sókè. Bákan náà ni owó ìwé àṣẹ tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí kò ka iye páàkì tó tà. Ó kàn ń gé èrè rẹ̀ ni, kò yí ìṣirò rẹ̀ padà, àyàfi tó bá pọ̀ débi pé ó kúkú ti ilé iṣẹ́ pa. Níbi tí olùtà pọ̀ sí, owó ìwé àṣẹ kì í rọrùn bẹ́ẹ̀. Kò sí èrè ńlá tó lè gé, nítorí náà ó ń lé àwọn kan kúrò nínú iṣẹ́, iye ọjà á sì gòkè lẹ́yìn náà. Oríṣiríṣi owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníléeṣẹ́ omi kéékèèké wà lára irú èyí, ẹni tó ń mu omi ló sì ń san án nígbẹ̀yìn.

Bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n lójú ọjà

Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣini lọ́nà ni ìgò. Lítà ni owó-orí yìí ń kà, kì í ṣe ìgò. Ilé iṣẹ́ lè fi iye ìgò sílẹ̀ bó ṣe wà, kó dín ohun tó wà nínú rẹ̀ kù láti 60cl sí 50cl. Ẹni tó ń wo iye nìkan á ní nǹkan kan kò gòkè. Ẹ pín iye náà sí iye 50cl tàbí 60cl tí ẹ kà lára ìgò, ẹ máa rí i pé ₦600 lórí 60cl jẹ́ ₦10 lórí 1cl, ₦600 kan náà lórí 50cl sì jẹ́ ₦12. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ti gòkè láìsí ariwo.

Èkejì ni pé ìnáwó mìíràn ń gòkè lákòókò kan náà. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, owó ṣúgà, ike àti dísù ti gòkè gan-an. Ẹni tó bá gbé gbogbo ìgòkè yẹn lé ₦10 lítà lórí kò ṣe é dáadáa. Ọ̀nà kan láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kí ẹ wo omi inú ìgò. Omi náà ń lo ike, dísù àti ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn tí owó-orí ṣúgà kàn. Bí ẹlẹ́rìndòdò bá gòkè ju omi lọ láàárín oṣù tí owó-orí yí padà, ìyàtọ̀ méjèèjì, lẹ́yìn tí ẹ bá yọ owó ṣúgà, ló sún mọ́ ohun tí owó-orí ṣe. Bí iye bá sì ń gòkè lọ́dọọdún, tí ₦10 kò yí padà, owó-orí náà ń kéré sí i nínú iye ìgò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òfin.

Ẹ má sì fi àwòṣe adánìkantà yìí ka owó iná. BEDC nìkan ló ń pín iná dé ilé wa ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti fúnra rẹ̀ yan iye tó máa mú èrè jù wá. Àjọ tó ń ṣàkóso iná ló ń fọwọ́ sí i. Bí owó-orí kan bá gun orí ẹyọ iná, bóyá àjọ náà gbà kí wọ́n fi kún owó iná ló máa pinnu ẹni tó máa san án. Kì í ṣe ìṣirò èrè bí èyí tí a ṣe lókè.

Kòkó náà tún yàtọ̀, kódà ó lọ sí ìkángun kejì. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Ìdànrè àti Oǹdó pọ̀, ọjà náà sì ní ìdíje. Ṣùgbọ́n ọjà Lọ́ńdọ̀nù àti Niu Yọ́ọ̀kì ló ń pinnu iye tọ́ọ̀nù kan, wọn kò sì ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ìpínlẹ̀ Oǹdó gba owó kan lórí rẹ̀. Bí ìjọba bá gba ₦50,000 lórí tọ́ọ̀nù, oníṣòwò tó ń gbé e lọ sí èbúté kò lè gbé e lé ẹni tó ń rà á lókè òkun lórí. Iye tó ń san fún àgbẹ̀ ló máa gé. Ìdíje tó gbé gbogbo owó-orí lé oníbàárà lórí nínú ẹlẹ́rìndòdò, òun kan náà ló gbé gbogbo rẹ̀ lé àgbẹ̀ lórí nínú kòkó, nítorí pé lọ́tẹ̀ yìí ẹni tó ń rà ló lè lọ síbòmíràn, igi kòkó kò sì lè kúrò ní Ìdànrè.